Wákàtí Kan Tí Kò Sí Lọ́jọ́ Àìkú Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í sunkún. Gbogbo àdúgbò wa ní Sabon Gari ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tí dókítà ki abẹ́rẹ́ bọ egungun ìbàdí rẹ̀ láti fa mùdùnmúdùn fún àyẹ̀wò, igbe tó ké mú kí àwọn tó jókòó níta dìde. Nígbà tí wọ́n parí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò mi, mi ò ṣe irú èyí mọ́ láyé mi. Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, kí àìsàn náà kúkú máa gbé mi lọ."

"Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni." Mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Fagge. A ò ní ẹ̀rọ irú àyẹ̀wò yẹn ní Kano, London la máa ń fi í ránṣẹ́ sí. Òfin wọn le: láti ìgbà tí a bá ti fà á títí dìgbà tí wọ́n bá gbà á, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ. Tó bá ti kọjá, wọ́n á dà á nù, wọ́n á ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú.

Àṣà kan wà tí ọ̀gá wa tó ti fẹ̀yìn tì fi sílẹ̀ fún wa. A kì í fi aago Kano kọ àkókò tí a fà á sára ìgò rẹ̀. Aago London la máa ń kọ, kí àwọn tó máa gbà á má baà máa ṣe ìṣirò kiri. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ la fa ti ẹ̀gbọ́n mi, London sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, ni mo bá kọ agogo mẹ́wàá. Ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ímeèlì dé, sọ́dọ̀ èmi àti dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ìgò náà dé ọwọ́ àwọn. Kọ̀ǹpútà wọn ti yọ àkókò kan nínú èkejì: ó fi ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Mo ṣépè fún àwọn tó gbé ẹrù náà, mo ṣépè fún ọkọ̀ òfuurufú. Kai! Mo mú fóònù kí n pe London, mo kọ́kọ́ wo aago ibẹ̀ lójú rẹ̀ kí n má baà pè wọ́n lákòókò oúnjẹ. Aago London àti aago Kano dọ́gba! Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ṣì fi wákàtí kan ṣáájú wọn.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ìparí oṣù Kẹta ni. Ìdájí ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ti aago wọn síwájú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, láti agogo kan bọ́ sí agogo méjì. Wákàtí tó wà láàárín, kò sẹ́ni tó lò ó. Kọ̀ǹpútà wọn kà á mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Pẹ̀lú aago Kano tí kì í yí, láti agogo mọ́kànlá Jímọ̀ sí agogo mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú Mọ́ńdè, wákàtí méjìléláàádọ́rin kò tíì pé.

Ọkùnrin tó gbé fóònù ní London ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi pé èmi ni aláìsàn. "Ẹ̀rọ ló ṣírò rẹ̀, màdáámù." Mo ní kí ó gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi ìka kà á pẹ̀lú mi. Ó kà á. Ó ní kí n dúró, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó padà wá. Ìgò náà ṣì wà, wọn ò tíì dà á nù. Wọ́n máa ṣe é. Ó bẹ̀ mí.

Mo pe dókítà, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa. Mo tún un pè. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kò gbé e. Mo sáré bọ́ síta, mo wọ Adaidaita Sahu, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ń pariwo mọ́ awakọ̀ rẹ̀ pé kó sáré, "Yi sauri, don Allah!", títí tó fi bínú sí mi.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo ti gbọ́ igbe.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, ìdojúbolẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wà, báńdéèjì tuntun wà níbàdí rẹ̀ kejì. Dókítà ti sọ fún un pé London kọ ti àkọ́kọ́, pé kó tún un ṣe tìtorí àwọn ọmọ rẹ̀, ló fi gbà. Kò gbé orí sókè.

"Kí ni London wí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́."

Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

"Kí ni wọ́n wá tún gún mi fún?"