Ojú Méjì Tó Jókòó Sórí Ìbéèrè Mọ́fẹ́yìsára

Ẹni tó bá ń gbé Mọ́wé tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ṣé ó sùn. Ọdún kẹfà rèé tí Mọ́fẹ́yìsára ti ń dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan lóhùn. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Á fi àwòrán bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí Slack, ìkànnì tí ọ́fíìsì wọn ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà lọ́nà, á sì gbéra. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ dé ọkàn.

Nígbà tí ọ́fíìsì kéde pé àyè díẹ̀ wà fún àwọn tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ látilé, kíá ló kọ ìbéèrè tiẹ̀ sórí Slack.

Wọ́n sì ní òfin tiwọn níbẹ̀ o, òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá lẹ àwòrán ojú méjì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ti di tiẹ̀ nìyẹn, kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án. Òǹtẹ̀ pupa, tí Zubair akẹgbẹ́ wọn yà tó sì fi kún àwòrán ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ni ti pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Máàkì ni ti pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ojú méjì fi yọ. Mọ́fẹ́yìsára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè rí orúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí ni, ọ̀gá tuntun. Inú rẹ̀ dùn, ó dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì tẹ̀ lé e. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, àmọ́ sùúrù kì í gbéni dé Ìkẹjà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè mi tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Lọ́wọ́ mi kẹ̀? Mo kàn fi ojú síbẹ̀ kó o lè mọ̀ pé mo ti kà á ni. Bí a ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Ṣebí Ọmọlabí ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́."

Ọmọlabí gbọ́ láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ojú yín wà lórí ẹ̀, sà. Ta ni mí tí màá fọwọ́ kàn án? Mo rò pé ẹ ti fún Àǹtí Mọ́fẹ́ láyè. Àyè tó kẹ́yìn, Zubair ni mo lẹ òǹtẹ̀ fún lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò sí àyè mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ títí, ó yọ ojú rẹ̀ kúrò. Mọ́fẹ́yìsára ò lókun àtibínú.

Ọmọlabí rọra sọ fún un pé, "Àǹtí Mọ́fẹ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi fi máàkì sí i. Ó ṣì wà lára àwọn tí kò tíì parí."

Ó fi sí i. Kò pẹ́ sígbà náà, Zubair rí máàkì náà, ó kọ̀wé sábẹ̀ rẹ̀ láti ilé: "Ẹ kú oríire, Àǹtí Mọ́fẹ́. Ẹ̀yin náà á wá sinmi."