Ìrora Tó Ju Ẹsẹ̀ Tó Kán Lọ

Nọ́ọ̀sì Kausarat Bámilóyè kì í jókòó pẹ́. Ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán, nílé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí Pedro, bí wọ́n bá rí i lórí àga ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Á fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ ẹni yìí bóyá ó tutù, á tẹ èékánná ẹni yẹn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tètè ń padà síbẹ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, bó ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n ní kó má dá Mahmood lóhùn. Ìtẹ̀wé ni Mahmood ń ṣe ní Shomolu. Ẹrù bébà ló já lu ojúgun rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì fi pí-ó-pí, ẹfun líle tí wọ́n fi ń de egungun tó kán, di ẹsẹ̀ náà láti ìdí ìka dé itan.

"Ó ti gba abẹ́rẹ́ ìrora méjì, kò yé pariwo. Ọkùnrin yẹn ò kàn lè fara da nǹkan ni," ọ̀kan nínú wọn wí.

Kausarat ò tíì gbọ́ ọ tán tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kú ìrora, Bọ̀dá Mahmood. Ibo gan-an ló ń dùn yín?"

"Sístà, kì í ṣe ibi tó kán mọ́ o. Ẹran ẹsẹ̀ mi ni. Ó ń fún mi bíi pé ó fẹ́ bẹ́."

Kausarat fọwọ́ kan àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà àti ìka tó tẹ̀ lé e. Mahmood ò mọ̀ pé ọwọ́ kàn án. Nígbà tó rọra fa àtàǹpàkò náà sókè díẹ̀, igbe tí ọkùnrin náà ké mú kí Hàmdálàt ìyàwó rẹ̀ fò dìde.

Ojú ẹsẹ̀ ni Kausarat yọ àwọn ìrọ̀rí tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ náà ga.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká gbé e sókè kí wíwú rẹ̀ lè lọ sílẹ̀!" Hàmdálàt kígbe.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, fún ẹsẹ̀ tó kàn wú. Ti èyí le jù bẹ́ẹ̀. Bó bá ga ju àyà lọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè gùn ún dé ibẹ̀."

Ó pe Dókítà Adébọ̀dé lórí fóònù, ọ̀dọ́ dókítà tó ń wo àwọn aláìsàn tó wá láti ilé.

"Ṣé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná?"

"Ó gbóná, sà. Ẹ̀jẹ̀ náà ń padà."

"Kí ló wá kù? Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn, màá dé tí mo bá ṣe tán."

"Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn lọ, dókítà. Tá a bá dúró dìgbà tí ìka bá tutù, ẹran inú ẹsẹ̀ á ti kú."

Dókítà ti gbé fóònù sílẹ̀. Kausarat rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. Lọ́dún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbòmíràn, wọ́n gbé ọmọ ọdún méje kan tó ń jẹ́ Leah wá láti Ladi-Lak, ọwọ́ rẹ̀ kán. Ọmọ náà sunkún lábẹ́ pí-ó-pí títí, Kausarat sì rò pé ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ìka ọwọ́ náà ká kò bí èékánná àwòdì, kò sì là mọ́ títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni àga ò ti gba Kausarat mọ́.

Ó tẹ Dókítà Ọdẹ́túnjí, ọ̀gá àgbà wọn, láago.

"Sà, ẹsẹ̀ kan wà níbí tí abẹ́rẹ́ méjì ò ràn. Bí mo bá fa àtàǹpàkò, igbe ni. Àárín ìka ti kú tipiri."

"Ẹ la pí-ó-pí yẹn báyìí, tòun ti òwú abẹ́ ẹ̀, títí ẹ ó fi rí awọ ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ tàbí mu nǹkan kan. Akoka ni mo wà, mo ń bọ̀."

Inú ń bí Dókítà Adébọ̀dé nígbà tó wọlé pé wọ́n fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ la pí-ó-pí náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fọwọ́ tẹ ojúgun tó ń dán tó sì le bíi pákó, ó bá wọn tú ìyókù òwú náà kúrò. Wọ́n dúró díẹ̀. Ìrora náà ò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà Ọdẹ́túnjí dé, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí tíátà iṣẹ́ abẹ.

Hàmdálàt di aṣọ Kausarat mú. "Wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọkọ mi!"

"Wọn ò gé e, ìyá wa. Ẹran ẹsẹ̀ ló wú sínú àpò tí kì í fẹ̀. Àpò náà ni wọ́n fẹ́ là, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọ ibẹ̀. Àmọ́ tá a bá jáfira ni."

Obìnrin náà jọ̀wọ́ aṣọ.

Kò tíì tó wákàtí méjì tí Kausarat gba iṣẹ́ tí wọ́n fi la ẹsẹ̀ náà níhà méjèèjì. Ẹran tó ti ń dúdú bọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n fi irin di egungun náà mú láti ìta, wọ́n sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó rán apá kan, wọ́n bu awọ itan lé ìyókù.

Lọ́jọ́ tí Mahmood ń lọ sílé, lórí igi ìtìlẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè rí i.

"Àárín ìka yẹn ṣì kú, Sístà. Ṣé yóò padà?"

"Mi ò mọ̀," ni Kausarat dáhùn. "Ó lè padà, ó sì lè má padà."

Mahmood rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ò purọ́ fún mi rí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣáà ń bá mi lọ sílé."

Hàmdálàt ṣì ń dúpẹ́ nígbà tí ẹnì kan kérora ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí fèrèsé. Kausarat ti kọjú síbẹ̀.