Ọ̀rọ̀ Ìyá Tó Bá Ti Ọmọ Lọ

Ìyàwó mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọmọ wa obìnrin gbé sórí ìkànnì ayélujára tí kò fèsì sí. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé àwòrán síta láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, n ó gbé fóònù mi síwájú ìyá rẹ̀. Yóò nu ọwọ́ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́, yóò wo àwòrán náà títí, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èmi náà á máa tẹ̀ ẹ́.

Ìkálẹ̀, ẹ̀ka èdè ìlú wa, pọ́ńbélé ló máa ń sọ. Olùkọ́ ni mí, Erinje àti Ìkọ̀yà ni mo ti kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi a sì máa fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kó lè bá ti inú ìwé mu. Àmọ́ dandan ni kí n ka ohun tí mo tẹ̀ sí i létí. Bó bá gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, á ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni, àbí èmi?” N ó pa á rẹ́, n ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wí.

Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bá a wí pẹ̀lú. Irun orí yìí kò bá ojú ẹ mu. Ta ni ọkùnrin tó dúró tì ẹ́ yẹn? Ṣé o ti jẹun? Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ a máa kà á, wọn a máa rẹ́rìn-ín, wọn a sì máa kí i.

Ó kú ní ọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí, kò sí ẹni tó rò ó. Ohun tó kù lórí ilẹ̀ ayé tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ju ohun tí mo tẹ̀ sábẹ́ àwọn àwòrán wọ̀nyẹn lọ.

Ọmọ náà ti sìnlú tán nígbà yẹn, ó ń wáṣẹ́. Ẹnì kan kìlọ̀ fún un pé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ a máa wo ojú ìwé èèyàn lórí ìkànnì kí wọ́n tó pè é. Ẹ̀rù bà á, nítorí kò sí ìsọkúsọ tí kò sọ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sì lè ti àkáǹtì náà pa, torí ibẹ̀ làwọn oníbàárà tó ń ra epo pupa lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló fẹ́ kó lọ, kí àkáǹtì fúnra rẹ̀ dúró.

A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Òkìtìpupa. Obìnrin tó ni ín, mo kọ́ ọ níwèé rí, kò sì tíì dẹ̀yìn nínú ẹ̀fẹ̀. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń to gbogbo ohun téèyàn ti ṣe lórí ìkànnì náà sí, ó ní kó kó ti ọdún kọ̀ọ̀kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

“Àbúrò, ìwọ lo kọ eléyìí? O ní kí gbogbo ọ̀gá bánkì lọ sùn sínú odò. Bánkì náà kọ́ lo ń kọ̀wé sí yìí?”

Ọmọ mi fọwọ́ bojú. Àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà ní kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀dà gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ó tó wákàtí bíi mélòó kan kí ẹ̀dà náà tó ṣetán, a fi lọ jẹun, a padà. Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè kó wọn sí yàrá ìpamọ́, níbi tó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa rí wọn, tàbí kó kó wọn sórí ààtàn. Ti ààtàn yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, èèyàn ṣì lè ṣà á padà, lẹ́yìn náà ó parẹ́ pátápátá.

“Ààtàn,” lọmọ mi wí. “Mi ò fẹ́ kó kù síbì kankan.”

Wọ́n ń fa ojú ìwé náà sísàlẹ̀ kó lè tú ohun tó wà níbẹ̀ jáde, wọ́n á yan gbogbo ẹ̀, wọ́n á kó o dànù, wọ́n á tún fà á. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn gbé síta tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí kò bá a lọ. Ó ní láti yọ orúkọ kúrò lára ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n, ọkàn mi balẹ̀. Lérò tèmi, ohun tí mo fi fóònù mi tẹ̀, lábẹ́ orúkọ mi, ọwọ́ mi ló wà. N kò béèrè.

Ọjọ́ kọkànlélógún sí ọjọ́ náà ni mo gbé fóònù pé kí n ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó mi. N kò rí ọ̀kan. Mo wá a títí ojú fi ń ro mí. Mo gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Bàbá Tíṣà, orí ti ọmọ yín ni tiyín dúró lé. Ó gbé tirẹ̀ lọ, tiyín bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ṣì kù. Ẹ pè é lónìí, kó ṣà wọ́n padà, ká ya àwòrán ohun tó wà lábẹ́ wọn.”

Ọmọ náà wà ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí, wọ́n ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọjọ́ mẹ́fà ló kù sí i. Nínú ilé tiwa, bí èèyàn bá ń lọ wá oríire, a kì í fi ọ̀rọ̀ òkú sí i létí títí yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Mo ní n ó dúró, àyè ṣì wà. Wọ́n wá sún ìpàdé náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ọgbọ̀n ọjọ́ yóò sì pé kó tó dé. Ó pè mí, ó ní kí n máa gbàdúrà. Mo ní mò ń gbà á. Ó béèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí, torí ohùn mi. Mo ní òtútù ni.

Ọjọ́ karùndínlógójì ló wọlé. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó sọ ọ́. Ó ṣí ààtàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣí ẹ̀dà tó gbà pamọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pé, àwòrán rẹ̀ pé, títí kan èébú tó bú ọ̀gá bánkì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ wọn kò sí nínú ẹ̀.

“Bàbá, ẹ mọ̀ nígbà tí ọjọ́ ṣì kù?”

Mo ní mo mọ̀.

“Iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe tó tó bẹ́ẹ̀?”

Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Kó tó kó lọ, mo ti ra ìwé kan, mo ń kọ èyí tí mo bá rántí sínú ẹ̀. Mẹ́tàlá péré ló ṣẹ́ kù sí mi lórí nínú ọdún mẹ́jọ. Mo kà á fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Màmá kì í sọ̀rọ̀ báyìí.”

Mo gba ìwé náà padà, mo tún un kà. Òótọ́ ló sọ. Yorùbá ilé ìwé ni, ó mọ́, ó gún, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ìyàwó mi lè sọ.