Ẹni Tó Ṣì Ń Lo Fáìlì

Inú fáìlì kan ni gbogbo wa ti ń ránṣẹ́ síra wa lọ́fíìsì. Lónìí tá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kọ̀, kò ṣí fún akọ̀wé, ló bá ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń bá wa tún un ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló ń lo fáìlì yìí lọ́wọ́.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tó ṣubú kú lọ́nà ilé, tá a sin láná!

Obìnrin náà pè, ó jágbe mọ́ wa lórí fóònù: “Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Kò tì í ni! Ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ pa kọ̀ǹpútà ẹ̀?”

A ṣílẹ̀kùn yàrá ọ̀gá. Ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn. Ọ̀rọ̀ tí kò séèfù, tí kò fi dé ọ̀dọ̀ wa, wà lójú ẹ̀: “Àyà ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kan yọjú sí mi.”

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti àwa.