Síílìn Àkọ́kàn Nínú Yàrá Màámi

Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ síílìn. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kàn án káàkiri Abẹ́òkúta, láti àwọn ṣọ́ọ̀bù Òkè-Ìléwó títí dé àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìtorí. Bí onílé bá dúró sábẹ́ àkàbà mi tó ń júwe iṣẹ́ fún mi, ńṣe ni mo máa sọ̀kalẹ̀, tí màá na hámà sí i: "Ó yá, ẹ wá kàn án." Àbùkù mi nìyẹn, n kò sì sẹ́. Màámi ló jìyà àbùkù náà jù, n kò sì mọ̀ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Aláró ni màámi. Ẹ̀yìn Ìtòkú ni ilé wa wà, ìkòkò aró wọn wà ní àgbàlá, yàrá wọn sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ páànù gan-an. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti pa páànù yẹn, ooru á gba inú síílìn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà ní kọ̀rọ̀ kan, lọ́dọ̀ ògiri tó jìnnà sí fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn kì í dé. A ti sọ ọ́ títí pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé e sí àárín yàrá. Wọ́n á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ibẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn." A gbà pé ìwà àgbà ni.

Ní oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, òòyì kọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru, ó ní kí wọ́n má ṣe sùn nínú ooru bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Ìtorí, gbọ́, ó sì dé lọ́jọ́ kejì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú," ó ní, "mo fẹ́ mú màámi lọ sọ́dọ̀ mi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé mi tutù."

Màámi kọjú sí ìta. Wọ́n kàn ń wo àgbàlá látojú fèrèsé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti lọ sí Ìtorí, ta ni yóò máa wo aró? Ìkòkò á gbẹ, àwọn oníbàárà á wá ẹlòmíràn, màámi á wá jókòó sí pálọ̀ ọmọ wọn bí àlejò títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ọkàn mi bàjẹ́.

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì," mo sọ fún àbúrò mi. "Kápẹ́ńtà síílìn ni mí. Bí yàrá yìí kò bá tutù, mú wọn lọ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì, bọ̀ọ̀dá mi. Kò gbọdọ̀ lé o."

Ó yẹ kí n sọ bí síílìn yẹn ṣe débẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ bá gba fírídọ̀ọ̀mù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, síílìn yàrá ìyá rẹ̀ ni. Kò ní gbowó, ọ̀gá kò sì ní wá yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀bùn ni. Ohun tó burú nínú àṣà yẹn rèé: iṣẹ́ tí ọwọ́ ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kò sí ojú àgbà kankan lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ ni mo rà, èyí tí kò nípọn ju èèpo ẹ̀yìn ìwé ńlá lọ. Pákó tó sì yẹ kí n tò ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn, mo tò ó ní mẹ́rin kí pákó má bàa tán. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Mo ní kí n tú u, kí n fi tuntun sí i kí n tó gbé ohunkóhun lé e. Màámi yarí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọwọ́ rẹ? O ò ní tú u. Wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ó dáa. Mo lọ sí ilé ìlagi, mo kó ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń dà nù, àpò lórí àpò, ọ̀fẹ́. Mo gun àjà lọ, mo dà á sórí síílìn kó lè dá ooru páànù dúró, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. N kò wọn nǹkan kan, n kò tún pákó kankan kàn. Ta ni yóò kọ́ mi? Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, màámi sùn, oorun gidi, wọ́n jí, wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ihò ìṣó kan ń bẹ lára páànù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní òwúrọ̀, màámi pè mí: "Ọkọ mi, wá. Síílìn ti lóyún."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àárín síílìn ti tẹ̀ wálẹ̀, bọ́ọ̀dù ti fà kúrò lórí ìṣó, omi pupa ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ń sùn lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?  Mo fi igi méjì ti bọ́ọ̀dù náà lókè kó má bàa wó, mo gun àjà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ kó ìyẹ̀fun padà sínú àpò. Kò fúyẹ́ bí ìgbà tí mo gbé e wá. Ó wúwo bí ẹ̀kọ gbígbóná nínú ìkòkò.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ẹlẹ́rẹ̀ pátápátá, màámi ń sá aṣọ ní àgbàlá. Wọ́n kò bú mi. Wọ́n nawọ́ sí okùn. "Aṣọ yìí kan náà ni mo gbé lọ́wọ́ kan ní àárọ̀. Ó ti mu aró báyìí, ọwọ́ méjì ni mo fi gbé e. O rí igi tí mo fi ti okùn yìí lágbede méjì? Bí mi ò bá fi tì í, aṣọ á gbálẹ̀. Ìwọ, o mọ èyí láti kékeré. Kí ló wá ṣe ọ́?"

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń pariwo mọ́ onílé látorí àkàbà.

Ọjọ́ yẹn ni mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹni ẹlẹ́ni. Mo kan férémù pákó kan, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mo da ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, ìka mẹ́rin. Mo yá òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù: kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rẹ ẹ́ lómi: ó lé ní ọgbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù jípísọ́ọ̀mù gidi pàápàá, èyí funfun tó le, tó nípọn tó ìdajì íǹṣì, tí pákó rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn, èmi kì í fi ju nǹkan bíi kílò mẹ́fà lọ lé mítà kan rẹ̀. Pẹlẹbẹ tèmi yẹn, ara rẹ̀ nìkan ló yẹ kó gbé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo wá ra òwú gíláàsì, èyí tó ń dá ooru dúró, tí wọ́n ń ká bí ẹní. Mítà kan rẹ̀ kò tó kílò méjì.

Àbúrò mi ti gbọ́, àwọn aládùúgbò kì í pa nǹkan mọ́. Ó pè mí: "Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù o." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mo kọ́kọ́ dí ihò páànù. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá màámi, mo dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n tú u. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n fà mí dìde. "Ó dáa. Tú u."

Mo tú gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Mo na pákó tuntun láti ògiri dé ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn, mo fi kéékèèké dábùú wọn kí etí bọ́ọ̀dù kankan má bàa wà láìní ohun tó gbé e. Pákó tó gùn bẹ́ẹ̀, bó bá wà lórí ògiri méjì nìkan, á rọ̀ lágbede méjì, gẹ́gẹ́ bí okùn màámi. Nítorí náà mo fi hánga kọ́ ọ, ìyẹn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán láti òrùlé wá sísàlẹ̀, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin. Igi ńlá òrùlé ni mo kàn wọ́n mọ́, kì í ṣe igi tínrín tí páànù jókòó lé. Ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà kàn wọ́n, ìṣó méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìṣó tí ẹrù bá ń fà tààrà wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ, ṣùgbọ́n èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, àfi kí ó ṣẹ́. Mo na wáyà ilé adìẹ sábẹ́ àwọn pákó náà, òwú gíláàsì jókòó sórí wáyà, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti páànù kí atẹ́gùn lè kọjá. Ìgbẹ̀yìn ni mo kan bọ́ọ̀dù tuntun. Òun kò gbé òwú kankan, ara rẹ̀ ló gbé.

Ṣáájú kí n tó na wáyà ni mo ti fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ pákó kan, tí mo ká ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Kò dún. Màámi rẹ́rìn-ín. "Ó tó, ó tó, arúgbó ni ẹ́."

Àbúrò mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, báàgì lọ́wọ́ láti kó aṣọ màámi. Ó wọ yàrá, ó nawọ́ sókè bí ẹni tó ń wá ooru. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ lọ dín àkàrà fún sààrì wọn.

Màámi kò tíì jókòó. "Ẹ̀yin méjèèjì," wọ́n ní, "ẹ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì yìí sáàárín, síbi tí atẹ́gùn fèrèsé á ti máa fẹ́ sí mi."

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. "Màámi, ṣebí ẹ ní kọ̀rọ̀ ló tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ta ni kọ̀rọ̀ tẹ́ lọ́rùn nínú ooru?" Wọ́n mú ìrọ̀rí wọn, wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀. "Ọjọ́ tí o kan síílìn yẹn tán, mo dùbúlẹ̀ ní àárín yàrá, mo wo òkè, mo rí i pé ó ti tẹ̀. Bí o ṣe lọ tán ni mo ti bẹ́ẹ̀dì sí kọ̀rọ̀."

"Ẹ ò wá sọ fún mi? Láti ọjọ́ yẹn?"

"O ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà," ni màámi wí. "Ẹ gbé e, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀."

A gbé e.