Ó-Ku-Kan àti Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Ilé Ìwòsàn

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kò sẹ́ni tó ní kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, Ó-Ku-Kan ni gbogbo wọn ń pè é, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan, kó máa fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá han àwọn tó bá fẹ́ rà á fún ilé ìtura, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Á fi han oníbàárà títí tí oníbàárà á fi máa wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà náà ni ọkùnrin yìí á na ìka kan sókè, á ní, “Ẹ má bínú, ó ku kan.” Kì í sì í ku kan rárá.

Ẹ má rò pé kò mọ iṣẹ́. Ó mọ ẹ̀rọ náà tinú-tẹ̀yìn. Ó mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ fún aṣọ òtútù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ fún aṣọ agbábọ́ọ̀lù, àti èyí tó ń kọrin nígbà tí fífọ̀ bá parí. Ó fẹ́ràn gbogbo wọn bákan náà, kò sì mọ èyí tí ì bá fi sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò ní ìdíkọ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ obìnrin onílé-ìtura kan. Obìnrin náà wá nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń jo omi, gbogbo ilẹ̀ ilé ìfọṣọ rẹ̀ ń yọ̀. Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó-Ku-Kan fi gbogbo bọ́tìnì hàn án, ó wá kan ti aṣọ òtútù. Obìnrin náà bi í pé, “Ṣé tí wọ́n bá ṣèèṣì fi omi gbígbóná fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ó máa súnkì?” Òótọ́ ni, ó sì sọ òótọ́: ó máa súnkì. Obìnrin tí kò ní aṣọ òtútù kankan nílé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí aṣọ òtútù. Ó ní òun ń lọ bá ọkọ òun sọ ọ́. Bóyá wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀gá pè é sínú ọ́fíìsì, kò ní kó jókòó. “Àwọn ará ilé ìwòsàn kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àwọn náà bá lọ báyìí, ilé ìkẹ́rùsí ni mò ń gbé ọ lọ.”

Ọkùnrin náà kò fẹ́ ibẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé owó oṣù ibẹ̀ kéré. Páálí ló wà níbẹ̀, páálí kì í sì í dáhùn. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ ni ayé rẹ̀, tí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ páálí, kí ló kù fún un?

Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń ká aṣọ ọmọ, kò gbójú sókè.

“Bàbá wọn, nígbà tí ẹ wá tọrọ mi, kí ni bàbá mi bi yín?”

“Wọ́n ní níbo la ó máa gbé.”

“Kí lẹ dá wọn lóhùn?”

Ìyàwó ló bá a dáhùn: “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá-bàbá yín. Ẹ bọ́ sórí ilé ìwé. Ẹ tún kan ọ̀kadà tí ẹ fẹ́ rà. Bàbá mi sùn. Ìyá mi ló jí wọn pé àlejò ti lọ.”

“Wọ́n ṣáà fún mi.”

“Èmi ni mo ti gbà kí ẹ tó dé.” Ó gbé aṣọ tó ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ẹ lọ bi àwọn ará ilé ìwòsàn yẹn níbi tó ń yún wọn. Ibi tó bá ń yún ni là ń họ.”

Ara ta ọkùnrin náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì ó forí lé ilé ìwòsàn náà.

Ilé ìfọṣọ wọn wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ó gbóná, òórùn ọṣẹ sì kún ibẹ̀. Obìnrin àgbà kan ló ń darí ibẹ̀, Màmá Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó-Ku-Kan kí i, ó ní, “Mà, kí ló ń yọ yín lẹ́nu níbí?” Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wá ìdí ìbéèrè náà. Ó ní kó máa bọ̀.

Ó kọ́kọ́ fi aṣọ ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde hàn án. Omi ń kán lára rẹ̀ tótó. Obìnrin méjì mú etí aṣọ kan, ọ̀kan lọ́ ọ sọ́tùn-ún, èkejì lọ́ ọ sósì, omi ya dànù. Bí wọ́n ti fún un tó yẹn náà, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ kì í tètè mú un gbẹ, aláìsàn á wà lórí àga, á máa dúró de aṣọ ibùsùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíkankíkan, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Màmá nàka sókè. “Àwọn ìyá ọmọ tuntun ló wà lórí wa. Bí wọ́n bá ti rẹ ọmọ sùn báyìí, àwa la máa jí i.”

Ó-Ku-Kan tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, kó lè mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa: “Aṣọ tó ń kán lẹ kọ́kọ́ fẹ́ ká yanjú, lẹ́yìn náà gbígbọ̀n.”

“Rárá. Ẹ̀yìn wa ni àkọ́kọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki apá méjèèjì bọ inú ikùn ẹ̀rọ, ó ń fa aṣọ tútù jáde ní ìdì-ìdì. Nígbà tó máa nàró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. “Ẹ̀ẹ̀melòó là ń ṣe èyí lójúmọ́? Aṣọ tó ń kán, a lè dúró dè é.”

Ọkùnrin náà dúpẹ́ pé òun bi í, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ ni òun ì bá fi ṣe orí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n gbé aṣọ ibùsùn tiwọn gan-an dání, kí wọ́n má sì fọ̀ ọ́.

Kí wọ́n tó dé, ó fi bébà bo gbogbo bọ́tìnì tí ọ̀rọ̀ wọn kò kàn. Ó mọ ara rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá rí bọ́tìnì olórin yẹn, ẹnu rẹ̀ kò ní lè dákẹ́.

Màmá Alágbàfọ̀ dé pẹ̀lú obìnrin méjì, àti Alákòóso ilé ìwòsàn, ẹni tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ. Ó-Ku-Kan sọ ìṣòro wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ìrora ẹ̀yìn ṣíwájú, ó bi wọ́n bóyá ó kù síbì kan. Màmá ní kò kù. Wọ́n kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, Màmá fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó-Ku-Kan gbé abọ́ omi kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń mì díẹ̀ lórí àwọn irin lílọ́ tí wọ́n fi gbé e dúró, ṣùgbọ́n omi inú abọ́ wà jẹ́ẹ́. Ó ní, “Èyí ni ti àwọn ọmọ òkè,” ó sì pa ẹnu dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi wo ìyà tó ń jẹ ọkùnrin yìí.

Nígbà tó parí, ó ní kí Màmá tẹ bọ́tìnì kan. Ikùn ẹ̀rọ dorí kọ iwájú, aṣọ rọ́ jáde, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ìkóṣọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá Alágbàfọ̀ dúró gbọnrangandan, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Àwọn obìnrin méjì mú aṣọ kan létí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n tún lọ́ ọ. Kò kán.

“Kẹ̀kẹ́ tiwa ga ju eléyìí lọ,” ni Màmá wí.

“Kò ní wọ abẹ́ rẹ̀, mà. Ẹ máa ra kúkurú mọ́ ọn.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀gá fi yọ. Ó rí bébà. “Ta ló lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀rọ mi?” Ó ṣí i, ó rẹ́rìn-ín sí Alákòóso. “Sà, wọn ò tíì fi èyí tó dáa jù hàn yín. Láti orí fóònù yín, nínú ilé, ẹ máa mọ iye aṣọ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fọ̀, àti ìgbà tó fi jókòó.”

Ojú Alákòóso tàn. Àwọn obìnrin méjì fi aṣọ sílẹ̀. Màmá Alágbàfọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ó-Ku-Kan rí báàgì yẹn, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni bí wọ́n bá lọ, ilé ìkẹ́rùsí ni bó bá já ọ̀gá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Èwo ni ṣíṣe?

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò bi wá ní ìyẹn.” Ó yíjú sí Alákòóso. “Sà, ṣé ẹ ní òṣìṣẹ́ tí kì í ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ yín?”

Alákòóso ronú. Ó wo Màmá, ó wo àwọn obìnrin méjì. “Rárá,” ló wí. “Aláìsàn tó wà lórí àga ni mo ní.”

“Ẹ ò nílò ìyẹn nìyẹn, sà. A lè pa á, kó má ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tó ń jẹ́ kí aláìsàn wà lórí àga ni omi tó ń kán àti ẹ̀yìn tó ń dun àwọn tó ń fa aṣọ jáde.”

“Ẹ̀yìn wo?” Alákòóso bi Màmá. “Ẹ ò sọ fún mi.”

“Mo sọ, sà. Ẹ ní kí n máa fi òògùn pa á.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alákòóso na ọwọ́ sí bọ́tìnì, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó wo bí ikùn ẹ̀rọ ṣe ń dorí kọ iwájú láìsí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ọ̀gá jẹ́ kí àwọn lọ kọ ìwé rírà rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ kúkurú.

Ọ̀gá dúró lẹ́bàá Ó-Ku-Kan kó tó tẹ̀ lé Alákòóso. “Àwọn ilé ìwé kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀,” ló sọ, láìwò ó lójú. “Lọ bá wọn kí wọ́n tó wá.” Ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí parí síbẹ̀.

Àwọn obìnrin méjì ti jáde, ó ku Màmá Alágbàfọ̀ nìkan. Ó ń ká aṣọ ibùsùn náà, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀.

“Ọjọ́ tí ẹ wá, tí ẹ ní kí ló ń yọ mí lẹ́nu,” ló wí, “mo rò pé wọ́n rán yín láti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Ọjọ́ tí mo ti ń fọṣọ níbẹ̀ pẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.”

Ó-Ku-Kan bá a mú etí kejì aṣọ náà, wọ́n jọ ká a.