Ṣẹ́ẹ̀kì Ọlọ́dẹ Wa

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Ẹ̀rúwà nígbà tí ọ̀dítọ̀ kọ̀wé bi mí pé kí ni nǹkan kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí ìwé owó wa bá ti báńkì mu. Akápò tó ṣáájú mi kàn ń gbé iye náà láti ìwé oṣù kan sí òmíràn láìṣàlàyé. Inú bí mi gan-an. Mo yẹ kùkùté ṣẹ́ẹ̀kì, èyí tó máa ń kù sínú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, wò títí mo fi rí i: owó ẹ̀tọ́ ọlọ́dẹ wa tó ti kú ni, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ sí ṣẹ́ẹ̀kì náà, kò sì dé báńkì rí.

Mo lọ bá ìyàwó ẹ̀ ní Láńlátẹ̀. Ó yọ ṣẹ́ẹ̀kì náà láàárín Kùránì.

"Màmá, ó ti lé lóṣù mẹ́fà, báńkì ò ní gbà á mọ́. A ó dá owó náà padà sínú ìwé wa, ká kọ ṣẹ́ẹ̀kì tuntun lórúkọ yín."

Ó wò mí. "Tí ọkọ mi bá wá bèèrè tiẹ̀ ńkọ́?"

Mo gba ṣẹ́ẹ̀kì náà, mo sì kọ tuntun lórúkọ ẹ̀.

Èsì tí mo kọ sí ọ̀dítọ̀ ò gba ju ìlà mẹ́ta lọ. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ìwé wa àti ti báńkì bára mu régí. Ọjọ́ náà ni mo yí tábìlì mi padà. Mi ò kọ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà mọ́, bí ọlọ́dẹ wa bá lọ wá bèèrè tiẹ̀.